Nọ́ńbà Tó Wà Nísàlẹ̀ Oúnjẹ Mọ̀nsúrát

Ẹ má bínú bí mo bá ń tutọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ń rí mi lára ni. Ata ni mò ń lọ̀ ní Agric, nínú Ìkòròdú níbí, mo sì ti rí ẹ̀gbin lóríṣiríṣi nídìí ẹ̀rọ. Mo ti rí tàtàṣé tí ìdin ń rìn nínú ẹ̀, tí ẹni tó ni ín dúró tì mí, tó ní kí n ṣáà lọ̀ ọ́, pé iná á pa á. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú kí èébì gbé mi tó ohun tí Tóyìn fi Mọ̀nsúrát ṣe.

Ará Ìkìrun ni Mọ̀nsúrát. Òun àti Salman ọkọ rẹ̀, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ni wọ́n jọ kó wá síbí, wọ́n gba yàrá kan ní Ìgbògbò. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ló ń dáná sí, lábẹ́ páànù kan ṣoṣo. Kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bú u, á máa wo ìkòkò. Èmi ni mò ń jà fún àwa méjèèjì, torí Ọlọ́run ò dá mi ní ẹnu kékeré. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó Mọ̀nsúrát! Á ṣa ìrẹsì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, á fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara. Ata tí mo bá lọ̀ fún un, á dín in títí òróró á fi léfòó. Kì í ta oúnjẹ tó bá sùn. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, ilé ló ń gbé e lọ, òun àti Salman àti Mubashir ọmọ wọn á jẹ ẹ́.

Nítorí èyí ló ṣe ń lo Wásáàpù. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á ya àwòrán ìkòkò tàbí ti àwo kan, á kọ oúnjẹ òní sábẹ́ rẹ̀, á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Báyìí ló ṣe máa ń kọ ọ́:

*Oúnjẹ òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.*
*Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata díndín, ègé ẹja ńlá kan: ₦2,000.*
*Ẹ̀wà rírọ̀, dòdò, pọ̀nmọ́ méjì: ₦1,500.*
*Àsáró àti ẹja gbígbẹ: ₦1,500.*
*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀.*
*Ẹ wá gbé e láti aago méjìlá sí aago méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata Ìyá Fúnmbí, Agric.*
*Nọ́ńbà tí ẹ máa pè rèé.*

Nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ohun tí ojú wa rí lórí nọ́ńbà ti tó. Iye tí àwọn èèyàn bá ní àwọn fẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá ló fi ń mọ ìwọ̀n ìrẹsì tó máa bọ omi. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méjì, á kàn bá ìkòkò lójú oòrùn ni.

Àwa tá a wà lórí ìlà yẹn ní àṣà kan. Àràárọ̀ la máa ń bá ara wa gbé ọjà. Mo máa gbé oúnjẹ Mọ̀nsúrát sórí sítátọ́ọ̀sì mi, Mọ̀nsúrát á gbé aṣọ òkìrìkà tí Tóyìn ń tà, Tóyìn á gbé ẹ̀rọ mi pé ata lílọ̀ wà. A kì í gbowó. Ẹni tí kò bá gbé ti ẹnìkejì rẹ̀, ahun la máa ń pè é. Tóyìn ló sì ń gbé ti Mọ̀nsúrát jù, torí òun ló wà nínú gúrúùpù tó pọ̀ jù: gúrúùpù àwọn ayálégbé, ti ìyàwó ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tó ń ta aṣọ títí dé Ẹ̀pẹ́. Mọ̀nsúrát máa ń ṣàdúrà fún un. Tóyìn tún ń ra oúnjẹ lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì o, ìdì rẹpẹtẹ, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun tó ń kọ́lé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni. Mọ̀nsúrát á bu èènì sí i, á fi ẹja kún ẹja. Ó ní, "Ìyá Fúnmbí, oníbàárà bíi Tóyìn, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

Ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ ṣáà máa gbọ́ mi.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ata wá lọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mísíìsì Bádéjọ ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgbògbò. Bí mo ṣe ń lọ ata rẹ̀, ọbẹ̀ Mọ̀nsúrát ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, obìnrin náà sì ń fa imú.

Ó ní, "Màdáámù, ọbẹ̀ yín mà ń ta sánsán o. Ẹ̀yin ni ì bá máa gbé oúnjẹ wá fún wa. Àwọn tíṣà mi ń jẹ lọ́wọ́ obìnrin kan. Mo fẹ́ẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán gbogbo ọmọ ilé-ìwé lé e lọ́wọ́ ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni. Ẹja rẹ̀ bí èékánná, ọbẹ̀ rẹ̀ bí omi ìfọwọ́, ìrẹsì á ti tutù kó tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òwú aṣọ ni tíṣà kan fà jáde nínú ẹ̀wà. Òwú aṣọ!"

Mọ̀nsúrát káàánú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lorúkọ ẹni náà?"

Obìnrin náà ní, "Mọ̀nsúrát. Mọ̀nsúrát ti Agric."

Mo pa ẹ̀rọ. Mọ̀nsúrát gbé síbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mà, èmi ni Mọ̀nsúrát. Kò sí Mọ̀nsúrát míì tó ń ta oúnjẹ ní Agric."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù rẹ̀. Nǹkan tí mo rí níbẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ìkòkò wa ni. Ọ̀rọ̀ wa ni, láti orí "Oúnjẹ òní" dé orí pọ̀nmọ́ méjì. Orúkọ Mọ̀nsúrát wà lókè gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún méjì ti di ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi yẹ kó wà, ohun tí wọ́n kọ ni pé "A ó gbé e wá bá yín." Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà Mọ̀nsúrát.

Mọ̀nsúrát ní, "Mà, èmi ni mo kọ nǹkan yìí. Nọ́ńbà yìí nìkan ni kì í ṣe tèmi."

Mísíìsì Bádéjọ dìde. Ó ní, "Màdáámù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohùn Mọ̀nsúrát. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀bùn, kò dáa kẹ́nìkan jókòó sójú títì kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀." Ó gbé ata rẹ̀, ó lọ. Ká tó mọ̀ ọ́n, ó ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù ìyá àwọn ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n ṣọ́ra, pé ayédèrú Mọ̀nsúrát kan ti wà ní Agric o. Oníbàárà mi kan tó wà níbẹ̀ ló fi hàn mí.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ẹni tó ni orúkọ ni wọ́n ń pè ní ayédèrú. Iṣẹ́ oúnjẹ ọ̀sán odindi ilé-ìwé kan, èyí tó máa gbé Mọ̀nsúrát kúrò lábẹ́ páànù ojú títì, ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń bọ́ lọ nítorí òwú aṣọ tí kò mọ ibi tó ti wá.

Mo ti há nọ́ńbà yẹn sórí. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi, kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, orúkọ ti yọ: Tóyìn Òkìrìkà.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú fi ata sẹ́nu. Tóyìn tó ń bá wa gbé ọjà láràárọ̀, ṣe ló ń da ọ̀rọ̀ Mọ̀nsúrát kọ, tó ń pa nọ́ńbà ìdí rẹ̀ rẹ́, tó ń fi tirẹ̀ sí i. Lórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀, èyí tó dáa nìkan ló ń jẹ́ káwa méjèèjì rí, kó tó gbé èyí tó ti bàjẹ́ sínú àwọn gúrúùpù tá ò sí.

Ó gbé ìdì oúnjẹ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn bó ṣe máa ń gbé e. Mo fa Mọ̀nsúrát lọ́wọ́, a gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Tóyìn. Fèrèsé rẹ̀ ò ní kọ́tìnnì.

Tùfíà! Mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Tóyìn tẹ́ àwọn ike oúnjẹ sórí ìdì òkìrìkà tí kò tíì tú, aṣọ tó ń rùn fìì bí àkísà tó ti pẹ́ nínú omi. Ó fi ọwọ́ lásán bu ìrẹsì kúrò nínú mẹ́ta, ó fi ṣe mẹ́rin. Ó mú ẹja, ó fà á ya sí méjì, ó lá ìka rẹ̀, ó tún ti ìka yẹn kan náà bọ inú ẹ̀wà. Ó já omi inú ọ̀rá pẹ̀lú eyín, ó ń kán an sínú ọbẹ̀ tí ẹni ẹlẹ́ni fi àárọ̀ dín. Pọ̀nmọ́ kan já bọ́ sórí aṣọ. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n, ó dá a padà. Ó sì ń kọrin ìyìn bó ṣe ń ṣe é.

Mo ní kí n fọ́ fèrèsé yẹn. Mọ̀nsúrát ló dì mí mú, ó fà mí padà dé ìdí ẹ̀rọ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tó o dì mí mú? Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọ́mọ lọ́wọ́ èkùrọ́!"

Ó ní, "Bá a bá pariwo, ẹ mọ ohun tó máa sọ? Á ní ṣe lòun ń bá mi tà á. Oúnjẹ mi ni lóòótọ́. Ta ló máa gbà pé kì í ṣe èmi ni mo rán an?"

Mo wá dá a nímọ̀ràn. Mo ní kó kọ ìkọ́kọrẹ́ sórí sítátọ́ọ̀sì lọ́la, kó má sì se é. Tóyìn á dà á kọ bó ṣe máa ń ṣe, àwọn èèyàn á sanwó fún un, kò ní í rí nǹkan gbé fún wọn. Kí wọ́n fa aṣọ ya mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Mọ̀nsúrát mi orí. Ó ní, "Rárá, Ìyá Fúnmbí. Orúkọ mi ló máa wà lókè. Àwọn tó máa fi ebi sùn, èmi ni wọ́n máa bú. Ẹni tébi ń pa ò mọ ẹni tó ń bá ẹnìkejì jà."

Mo bínú sí i. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀, ẹ gbà mí láyè kí n sọ òótọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé pẹ̀lú híjáàbù tuntun kan, aláwọ̀ ewé. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi ya ojú mi."

Ẹnu yà mí. Mọ̀nsúrát kì í ya àwòrán. Kò sí àwòrán ojú rẹ̀ kankan lórí fóònù, ìkòkò ló máa ń wà níbẹ̀. Ojú ń tì í, Salman náà ò sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ìyàwó òun. Mo bi í bóyá Salman mọ̀. Ó ní òun ti sọ fún un, Salman wá ní kí òun lọ wọ híjáàbù tuntun. Ó dúró ti ìkòkò, ó le ojú koko bíi ti ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Mo yà á. Ó jókòó, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ òní. Ó kọ oúnjẹ, ó kọ iye, ó kọ àkókò tí wọ́n máa wá gbé e. Ó wá fi gbólóhùn kan há àárín àsáró àti àkókò, ibi tí ojú olè kì í dé torí ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ: *Èmi Mọ̀nsúrát rèé, ẹ wo ojú mi dáadáa, bí ẹni tó gbé oúnjẹ mi wá ò bá ní ojú yìí, ẹ bi í pé ta ni.*

Mo ní, "Tóyìn máa kà á."

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí Tóyìn ti kà á gbẹ̀yìn."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀lẹ ni olè. Kí n tó ki ata àkọ́kọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ, oníbàárà mi tó wà nínú gúrúùpù ilé-ìwé ti fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú Mọ̀nsúrát lókè, gbólóhùn yẹn láàárín, nọ́ńbà Tóyìn nísàlẹ̀. Ó ti fi owó lé e, ó ti yí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ata padà, kò sì wo àwòrán, kò ka nǹkan kan. Ó ti jí ìkòkò, ó jí orúkọ, ó tún wá jí ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń ṣàdúrà fún un.

Lọ́sàn-án, ó wá gbé ìdì oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá Mubashir, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bu ọbẹ̀ dáadáa sí i fún mi o." Mọ̀nsúrát bu ọbẹ̀ dáadáa sí i. Ó tún fi èènì sí i. Mo kọjú sí ògiri, kí ẹnu mi má baà já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e wá bá wa. A rí i tó dúró gìrì níwájú ẹ̀rọ, Mísíìsì Bádéjọ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, Tóyìn tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdì ike, ó ń làágùn. Mísíìsì Bádéjọ wo fóònù, ó wo Mọ̀nsúrát, ó tún wo fóònù.

Tóyìn sáré gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Mo ti sọ fún yín, mà. Òun ló ń bá mi dáná. Ọmọ iṣẹ́ mi ni."

Mo ní, "Ọmọ iṣẹ́ ta ni? Ìwọ Tóyìn?" Mi ò ní sọ gbogbo èyí tí mo sọ tẹ̀ lé e, ọmọ lè wà níbí.

Mísíìsì Bádéjọ gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó ka gbólóhùn yẹn sókè, ketekete. Ó kọjú sí Tóyìn. Ó ní, "Ìwọ lo fi èyí ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, láti orí nọ́ńbà rẹ. O ní ká wo ojú yìí dáadáa. A sì wò ó. Ta wá nìwọ?"

Tóyìn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ka nǹkan tó ti ń tà. Mo rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń gbẹ. Ẹ mọ ohun tó tinú ẹnu náà jáde? Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kọjú sí Mọ̀nsúrát, ó ní, "Ìyá Mubashir, ṣé ẹ máa gba oúnjẹ yìí padà? Owó mi wà nínú ẹ̀."

Ìríra. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì tí mo lè pè é.

Mọ̀nsúrát ṣí ike kan. Ẹja èékánná. Ìrẹsì tí ọwọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dé e padà. Ó ní, "Tóyìn, mi ò kì í gba oúnjẹ tí mi ò mọ ibi tó sùn. Máa gbé e lọ." Ó wá yíjú sí Mísíìsì Bádéjọ. "Ṣé àwọn tíṣà yín ti jẹun, mà?"

Obìnrin náà ní rárá, pé gbogbo wọn ń retí.

Oúnjẹ tó kù nínú ìkòkò, èyí tó yẹ kó lọ sílé, ni Mọ̀nsúrát bu sínú kúlà. Ó bù ú tán, ó fi síbí họ ìdí ìkòkò. Odindi ègé ẹja, ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀. Mísíìsì Bádéjọ ki ọwọ́ bọ àpò, Mọ̀nsúrát ní kó fi owó rẹ̀ sínú àpò, pé orúkọ òun ni wọ́n fi ń bọ́ wọn lẹ́gbin láti ọjọ́ yìí wá, pé ẹ̀ẹ̀kan yìí, ọwọ́ òun gan-an ni kí wọ́n ti jẹ ẹ́. Mísíìsì Bádéjọ yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í.

Ó ní, "Ìyá Mubashir, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ àwọn ọmọ ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀…"

Mọ̀nsúrát ní, "Ẹ jẹ́ kí tíṣà jẹun ná."

Ó ní kí n bá òun ṣọ́ iná, ó gbé kúlà, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú obìnrin náà. Tóyìn gbé ìdì tirẹ̀ sọdá títì. Ká tó mọ̀, a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, ó ń polówó ìrẹsì gbígbóná lówó pọ́ọ́kú. Mo tutọ́.

Mísíìsì Bádéjọ fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi nígbà tó tún wá lọ ata. Ó ní bí òun ṣe ń sanwó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé ti dá Mọ̀nsúrát dúró, ó ní àṣẹ ni pé kí òun má jẹ́ kí olóúnjẹ kankan wọlé lọ́jọ́ náà. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó wo àwòrán tó wọ gúrúùpù ilé-ìwé láàárọ̀, ó wo obìnrin tó gbé kúlà dání.

Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an rèé."

Mọ̀nsúrát ní, "Èmi ni." Ọkùnrin náà ṣí géètì.